Àṣekù oṣù tó kọjá nínú ìṣirò owó ọṣẹ

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ ìwé owó níbi tí wọ́n ti ń fi epo pupa se ọṣẹ, níbí ní Àjàṣẹ́. Kò sí oṣù tí a kì í bá ọṣẹ tí kò tíì parí nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ọ̀nà ìpíndọ́gba ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, òun náà ni mo sì ń lò. Mo yọ iṣẹ́ tí a ti ṣe sára àwọn àṣekù yẹn lóṣù tó kọjá kúrò, kí n má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pín owó fún ọṣẹ tán, owó tí mo pín ju owó tí a ná lọ. Ọ̀gá mi ń bi mí pé níbo ni ìyókù ti wá. Níbo ni mo ti ṣìnà?*

Àbúrò mi, yíyọ tó o yọ yẹn gan-an ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀nà ìpíndọ́gba kì í yọ nǹkan kan kúrò lára àṣekù ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ọ̀nà mìíràn, èyí tí à ń pè ní àkọ́wọlé-àkọ́jáde, ló máa ń yọ ọ́. Owó tó o kó jọ, ti ìpíndọ́gba ni. Iye ọṣẹ tó o fi pín in, ti àkọ́wọlé-àkọ́jáde ni. Àwọn méjèèjì kò lè gbé pọ̀ nínú ìṣirò kan, àpapọ̀ rẹ kò sì ní bá ara mu láéláé bó o bá ń lò wọ́n pọ̀.

Ṣé o mọ dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń da epo sí? Bí epo oṣù tó kọjá bá ṣẹ́ kù sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì da epo tuntun lé e lórí, kò sí ẹni tó lè bu ìgò kan jáde kó ní ti oṣù tó kọjá nìyí. Owó epo àtijọ́ àti owó epo tuntun la ó rò pọ̀, a ó pín in fún gbogbo ìgò tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ìgò kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ iye kan náà. Ojú yẹn ni ọ̀nà ìpíndọ́gba fi ń wo ọṣẹ yín. Kò béèrè pé iṣẹ́ mélòó ni wọ́n ti ṣe sára àṣekù lóṣù tó kọjá, nítorí owó iṣẹ́ yẹn náà ti wà nínú owó tí a fẹ́ pín. Bí owó àtijọ́ bá wà nínú ohun tí a ń pín, iṣẹ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí a fi ń pín in. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí pé à ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, bó o ṣe ń bẹ̀rù.

Jẹ́ ká ṣe é lórí ìwé. Màá lo iye tó rọrùn láti pín, kí ìdá kéékèèké má bàa dí wa lójú. O lè fi tiyín rọ́pò lẹ́yìn náà.

Ká ní ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin, 40 àpótí ló wà nílẹ̀. Ọṣẹ ti wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gé e. Àpótí kan máa ń mú 50 ọṣẹ jáde, nítorí náà 2,000 ọṣẹ ni àṣekù tí a gbé wọ oṣù karùn-ún. Owó tó ti wọ inú wọn pín sí ọ̀nà méjì: epo àti sódà, tí màá máa pè ní èròjà, jẹ́ 260,000 sẹ́fà, owó àwọn òṣìṣẹ́, igi ìdáná àti àwọn ìnáwó bẹ́ẹ̀, tí màá máa pè ní owó iṣẹ́, jẹ́ 42,000 sẹ́fà.

Nínú oṣù karùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ 10,000 ọṣẹ mìíràn. Èròjà tí ẹ lò fún wọn jẹ́ 1,540,000 sẹ́fà, owó iṣẹ́ gbogbo oṣù náà sì jẹ́ 588,000. Nígbà tí oṣù parí, 9,000 ọṣẹ ti parí pátápátá, wọ́n ti wọ yàrá ọjà. 3,000 ló wà lórí pẹpẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn ni, wọn kò tíì gbẹ.

Kó o tó fọwọ́ kan owó rárá, ka ọṣẹ. 2,000 tí a bá nílẹ̀ àti 10,000 tí a bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 12,000. 9,000 tó parí àti 3,000 tó kù náà jẹ́ 12,000. Bí apá méjèèjì kò bá dọ́gba, dúró níbẹ̀: ọṣẹ kan ti fọ́ tí wọ́n ti dà padà sínú ìkòkò láìsọ fún ọ, tàbí ẹnìkan ti mú un lọ, tàbí ẹni tó ka àpótí ṣì í kà. Mi ò tíì rí ibi tí ìṣirò owó ti tún kíkà tí kò péye ṣe.

Báyìí, ẹyọ adọ́gba. Ohun tí à ń béèrè kò ju èyí lọ: bí a bá kó gbogbo èròjà àti gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú àwọn ọṣẹ wọ̀nyí jọ, odidi ọṣẹ mélòó ni ì bá ṣe? A gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀ fún èròjà, ká sì béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀ fún iṣẹ́, nítorí àwọn méjèèjì kì í wọ inú ọṣẹ lọ́jọ́ kan náà. Epo àti sódà ti wọ inú ìkòkò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọṣẹ tó wà lórí pẹpẹ ti gba gbogbo èròjà tirẹ̀, kò sí èyí tó tún kù tí wọ́n máa fi sí i. Nítorí náà, fún èròjà, 9,000 tó parí àti 3,000 tó kù jẹ́ 12,000 ẹyọ adọ́gba.

Fún iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. 9,000 tó parí jẹ́ 9,000, gbogbo wọn pátá, àti àwọn 2,000 tí a gbé wọlé láti oṣù kẹrin tó wà nínú wọn. Àwọn 3,000 orí pẹpẹ ti gba ìdajì iṣẹ́ wọn (màá sọ bí mo ṣe mọ̀ pé ìdajì ni), nítorí náà wọ́n jẹ́ 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,500 ẹyọ adọ́gba. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀: mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ibi tí iṣẹ́ dé lára 2,000 yẹn ní òpin oṣù kẹrin. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ìdá 40 nínú 100 ni, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣe nǹkan kan nínú ìṣirò yìí. Nínú ìdánwò, wọ́n máa ń kọ iye yẹn síbẹ̀ láti mọ ẹni tí yóò fi ọwọ́ kàn án.

Owó wá kù. Èròjà: 260,000 àtijọ́ àti 1,540,000 tuntun jẹ́ 1,800,000. Pín in sí 12,000, ọṣẹ kan gba èròjà 150 sẹ́fà. Iṣẹ́: 42,000 àtijọ́ àti 588,000 tuntun jẹ́ 630,000. Pín in sí 10,500, ó jẹ́ 60 sẹ́fà. Odidi ọṣẹ kan ná yín ní 210 sẹ́fà.

Bó o bá ń ṣe é nínú Excel, òpó B ni fún èròjà, òpó C fún iṣẹ́, àgbékalẹ̀ kan náà sì ni méjèèjì ń lò. Fi owó àtijọ́ sí B2, owó oṣù yìí sí B3, ọṣẹ tó parí sí B5, ọṣẹ tó kù sí B6, ìdá tí iṣẹ́ dé lára èyí tó kù sí B7:

```
=(B2+B3)/(B5+B6*B7)
```

Fún èròjà, B7 jẹ́ 100%. Fún iṣẹ́, ṣe àdàkọ àgbékalẹ̀ náà sí òpó C, B inú rẹ̀ yóò di C, C7 sì jẹ́ 50%. Kò sí àyè kankan níbẹ̀ fún ìdá ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, má sì ṣe dá àyè sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni a ó pín owó fún ọṣẹ. 9,000 tó parí, ní 210 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1,890,000 sẹ́fà. Èyí tó kù lórí pẹpẹ gba èròjà 3,000 lọ́nà 150, ìyẹn 450,000, ó sì gba iṣẹ́ 1,500 lọ́nà 60, ìyẹn 90,000, àpapọ̀ 540,000. 1,890,000 àti 540,000 jẹ́ 2,430,000. Owó tí a ní láti pín ńkọ́? 302,000 tó bá àṣekù wọlé àti 2,128,000 tí ẹ ná lóṣù karùn-ún. Òun náà jẹ́ 2,430,000.

Wàyí o, ká fi àpẹẹrẹ kan náà wo tìrẹ. O gbà pé a ti fi gbogbo èròjà sí 2,000 yẹn lóṣù tó kọjá, o yọ 2,000 kúrò lára 12,000, ó ku 10,000. O gbà pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sára wọn jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ìyẹn 800 ẹyọ adọ́gba, o yọ ọ́ kúrò lára 10,500, ó ku 9,700. Títí dé ibí, kò sí àṣìṣe kankan: iye iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú oṣù karùn-ún nìkan nìyẹn. Àṣìṣe wọlé nígbà tó o gbé owó oṣù méjèèjì lé e lórí. 1,800,000 lórí 10,000 di 180 sẹ́fà, 630,000 lórí 9,700 di nǹkan bí 65 sẹ́fà. Ọṣẹ tó ná yín ní 210 wá di 245. Bó o bá fi iye yẹn pín owó fún ọṣẹ tó parí àti èyí tó kù, ohun tí wàá rí yóò sún mọ́ 2,842,000, nígbà tó jẹ́ pé 2,430,000 péré ló wà nílẹ̀.

Nǹkan bí 412,000 tó lé yẹn kì í ṣe iye kan ṣáá. 2,000 ọṣẹ lọ́nà 180 jẹ́ 360,000. 800 lọ́nà 65 jẹ́ 52,000. Àwọn ẹyọ tó o yọ ló ń padà wá bá ọ. O kò kà wọ́n nígbà tó o ń wá iye owó ọṣẹ kan, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàárín 9,000 tó parí nígbà tó o ń pín owó, wọ́n sì gba tiwọn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí àpapọ̀ rẹ bá ju gbogbo owó tó wà nílẹ̀ láti pín lọ, mú iye tó lé náà, kó o wò ó bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú ẹyọ adọ́gba àṣekù ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lọ́nà iye owó tó o rí. Bó bá dọ́gba, o ti mọ ibi tó ti ń jò. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ.

Ṣùgbọ́n tìrẹ sàn ju ti àwọn kan lọ, nítorí àṣìṣe tìrẹ pariwo. Ọ̀kan wà tó máa ń dákẹ́. Ẹni tó ṣe é yóò ka ẹyọ adọ́gba dáadáa, 12,000 àti 10,500, yóò wá gbàgbé owó tó bá àṣekù wọlé. Yóò pín 1,540,000 sí 12,000, yóò rí 128.33, yóò pín 588,000 sí 10,500, yóò rí 56. Ọṣẹ kan di 184.33. Bó bá pín owó fún ọṣẹ, 1,659,000 fún èyí tó parí àti 469,000 fún èyí tó kù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 2,128,000 géérégé, tó jẹ́ owó tí ẹ ná lóṣù karùn-ún. Ó dà bíi pé ó péye. 302,000 sẹ́fà ti pòórá nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì ní ké. Ọ̀gá rẹ yóò rò pé ọṣẹ tó ná òun ní 210 kò ju 184 lọ, yóò sì máa tà á bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o máa bá gbogbo owó wò ó, ti àtijọ́ àti ti tuntun, má ṣe bá owó oṣù yìí nìkan wò ó.

Mo ní màá sọ bí mo ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé ìdajì lára ọṣẹ orí pẹpẹ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni agbára ẹni tó ń kọ ìwé owó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ọjọ́. Wọ́n á ní sísè gba ọjọ́ kan, dídì gba ọjọ́ kan, gbígbẹ gba ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ọṣẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò tíì ṣe ju ìdá díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí à ń wọ̀n ni owó iṣẹ́, kì í ṣe àkókò. Nígbà tí ọṣẹ bá wà lórí pẹpẹ, afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, a kì í sì í san owó fún afẹ́fẹ́; ẹni tó ń yí wọn padà nìkan là ń san owó fún.

Jókòó ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kó o bi í pé ta ló ń ṣe kí ni, fún wákàtí mélòó, igi ìdáná mélòó. Ká ní ẹ rí i pé nínú 100 sẹ́fà owó iṣẹ́, 30 ń lọ sórí yíyọ́ epo, sísè àti pípò, 10 sórí dídà á sínú àpótí, 10 sórí gígé, 20 sórí sísá àti yíyí padà, 30 sórí gígé etí rẹ̀, títẹ òǹtẹ̀ àti kíkà. Ọṣẹ tó wà nínú àpótí tí wọn kò tíì gé ti gba 40. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ti gba 50. Èyí tó ti gbẹ tí ó ń dúró de òǹtẹ̀ ti gba 70. Kọ àwọn iye mẹ́ta yẹn sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Láti ọjọ́ náà, ohun tí wàá máa kà ní òpin oṣù ni ọṣẹ mélòó ló wà níbo. Kò tún ní sí pé ẹnìkan ń fi ojú díwọ̀n.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bíbá owó wò kò lè fi àṣìṣe yìí hàn. Ká ní ẹnìkan sọ fún ọ pé àwọn 3,000 ti gba 70 dípò 50. Ẹyọ adọ́gba iṣẹ́ yóò di 11,100, owó iṣẹ́ ọṣẹ kan yóò wá sílẹ̀ láti 60 sí 56.76. Ọṣẹ tó parí yóò gba 1,860,811, èyí tó kù yóò gba 569,189, àpapọ̀ sì tún jẹ́ 2,430,000. Ohun gbogbo bá ara mu. Ṣùgbọ́n ó lé ní 29,000 sẹ́fà tó ti kúrò lára ọjà tí ẹ fẹ́ tà, tó lọ jókòó sórí pẹpẹ, èrè oṣù náà á sì dà bíi pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti ta gbogbo ọṣẹ tó parí. Ẹni tí wọ́n máa ń fún ní ẹ̀bùn lórí èrè lè fẹ́ràn 70 ju 50 lọ. Lọ wo pẹpẹ náà fúnra rẹ. Ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣì tutù lọ́wọ́, èékánná máa ń wọ inú rẹ̀. Èyí tó ti gbẹ le, etí rẹ̀ sì ti ń funfun díẹ̀.

Bí ẹ bá ń di ọṣẹ yín sínú páálí kó tó wọ yàrá ọjà, má ṣe da owó páálí pọ̀ mọ́ owó epo. Páálí jẹ́ èròjà tó ń wọlé ní ìparí iṣẹ́. Ọṣẹ orí pẹpẹ kò tíì rí i rí, nítorí náà ìdá tirẹ̀ jẹ́ 0%, 9,000 nìkan la ó sì fi pín owó páálí. Bó o bá kó o mọ́ èròjà ìbẹ̀rẹ̀, àwọn 3,000 orí pẹpẹ yóò ru ẹrù ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìwé tí ìjọba máa wò ńkọ́? Òfin ìṣirò owó OHADA tí Bẹ̀nẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, gba ìpíndọ́gba, ó sì gba àkọ́wọlé-àkọ́jáde. Ohun tí kò gbà ni kó o máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì bó ṣe wù ọ́ lọ́dọọdún. Ọjà tí kò tíì parí ní àkántì 34 tirẹ̀, èyí tó parí ní 36, ìyípadà iye wọn sì ń lọ sí 73. Nínú àpẹẹrẹ wa, àkántì 34 bẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún pẹ̀lú 302,000, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 540,000. Ó fi 238,000 gbòòrò sí i. Bó o bá yọ 1,890,000 ti ọṣẹ tó parí kúrò nínú 2,128,000 tí ẹ ná lóṣù náà, 238,000 kan náà lo máa rí. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ń gbé ìṣirò rẹ lọ bá ìwé àkántì, kì í ṣe pé ó kàn ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èwo ni kó o wá máa lò nínú méjèèjì? Bí epo kò bá yí iye padà púpọ̀, ìpíndọ́gba ni màá fi ọ́ sí, torí iṣẹ́ rẹ̀ kéré, àṣìṣe rẹ̀ náà sì kéré. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí epo pupa ṣe rí níbí: nígbà tí ẹyìn bá pọ̀ lóko, ó rọjú, nígbà tí kò bá sí, iye rẹ̀ máa ń gòkè. Nínú àpẹẹrẹ wa, èròjà ọṣẹ kan jẹ́ 130 nínú àṣekù oṣù kẹrin, ó di 154 nínú oṣù karùn-ún. Ìpíndọ́gba sọ fún ọ pé 150 ni. 150 yẹn péye fún ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kankan tí ẹ ra èròjà ní iye yẹn. Àkọ́wọlé-àkọ́jáde ì bá sọ 154 fún èròjà àti nǹkan bí 60.62 fún iṣẹ́ (588,000 lórí 9,700), yóò sì fi ọṣẹ orí pẹpẹ sí nǹkan bí 552,900 dípò 540,000. Ìyàtọ̀ náà kò tó 13,000, kò sì yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó gba oorun lójú ọ̀gá rẹ ni bí ó bá fẹ́ fi 210 sọ iye tí yóò máa ta ọṣẹ ní oṣù kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé ọṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nínú oṣù karùn-ún ti ń ná an ní nǹkan bí 214.62. Nítorí náà, fi ìpíndọ́gba kọ ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè iye tí wọ́n máa tà á, ṣe yíyọ tó o ṣe yẹn, kó o sì fi owó oṣù yìí nìkan lé e lórí. Níbẹ̀ ni yíyọ ti wúlò.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tó o bá ń ṣí ojú ìwé oṣù kẹfà, má ṣe kọ 540,000 síbẹ̀ lódidi. Kọ èròjà 450,000, iṣẹ́ 90,000, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí lóṣù tó ń bọ̀ wàá tún ní láti kó wọn mọ́ èròjà tuntun àti iṣẹ́ tuntun, bí wọ́n bá sì ti dàpọ̀, kò sí bó o ṣe máa yà wọ́n. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi odindi owó gbé kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó tẹ̀ lé e wá ń fi àròsọ pín in. Kọ 3,000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó o bá fẹ́, kọ 50% náà síbẹ̀ fún ìṣirò iye títà. Ìpíndọ́gba oṣù kẹfà kò ní béèrè rẹ̀.